Awọ abẹ́ ahọ́n ọmọ mi: ká gé e àbí ká dúró?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ 3, awọ abẹ́ ahọ́n ẹ̀ ló kúrú, tó bá ń sunkún orí ahọ́n ẹ̀ á wọnú láàárín, kò lè yọ ọ́ kọjá ètè. Tó bá ń mu ọmú ẹnu ẹ̀ á máa dún tá-tá, á já sílẹ̀, orí ọmú mi á jáde ní pẹlẹbẹ, ó ti là báyìí. Kò tíì padà sí ìwọ̀n tí mo bí i. Mo ti yí bí mo ṣe ń gbé e, nọ́ọ̀sì ti jókòó wò wá, mo tún ń fi ṣíbí fún un ní wàrà tí mo fún jáde látinú ọmú mi. Ìyá ọkọ mi ní ká gé e kó má baà yadi, dókítà ní torí ọ̀rọ̀ sísọ kọ́ ni wọ́n ṣe ń gé e fún ìkókó, torí ọmú ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gé e, ṣé ọmú mímu yí padà lóòótọ́? Ẹ ṣé gan-an o.