Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dúpẹ́ lábẹ́ àwòrán ọmọ, ó ní kò gbọ́dọ̀ pariwo

Àbúrò Ọkọ
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọlọ́run ti dá ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ lóhùn, wọ́n ti bímọ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ̀rọ̀ tó máa wà lábẹ́ àwòrán, kó kúrú, kó má ṣe dà bí ti àwọn tó ń fi ẹ̀rí ṣe àṣehàn. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ rèé:

"Ẹ bá wa yọ̀ o! Ọdún mẹ́jọ ni àwọn ọ̀tá fi ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni oyún bàjẹ́ lára ìyàwó mi, àwọn dókítà sì ní kò lè ṣeé ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí kì í sùn ti sọ wọ́n di òpùrọ́. Ojú ti gbogbo ẹni tó ń retí ìtìjú wa. Àwa erùpẹ̀ lásán, àwa tí a kò já mọ́ nǹkan kan, ni ó yàn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bó ṣe ṣe é fún wa, bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe é fún ẹ̀yin náà kí ọdún yìí tó parí!"

Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta lẹni tó ń bínú báyìí?" Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n yọ?

Akọ̀wé Àgbà
Má tíì yọ nǹkan kan. Kọ́kọ́ wo ipò tí ẹni tí ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà. Gbólóhùn kẹrin ni Ọlọ́run tó wọlé. Àwọn ọ̀tá ti dé ní gbólóhùn kejì, àwọn dókítà ní ìkẹta. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé inú ń bí ẹ̀gbọ́n rẹ: ọ̀tá lo ń bá sọ̀rọ̀, o kàn ń fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí. Gbé orúkọ Ọlọ́run wá síwájú, wàá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù á wábi gbà fúnra wọn.

Ní ti àwọn ọ̀tá, rò ó wò. Àwọn tó máa ka ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyá ọkọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ ibi iṣẹ́, ọ̀rẹ́ tó gbàwẹ̀ pẹ̀lú wọn. Kálukú á máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Ṣé èmi ni?" Ẹni tó ṣe yẹ̀yẹ́ náà gan-an kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Oyún tó bàjẹ́ ńkọ́? Ara ìyàwó ló ti ṣẹlẹ̀, ẹnu ọkọ lo sì fi ń sọ ọ́. Ṣé obìnrin náà fọwọ́ sí i? Tí o kò bá tíì bi í, yọ ọ́ lónìí kí o tó bi í. Tó bá fẹ́ kó wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á dá a padà.

Ọmọ Ìyá Àdúrà
Àmín o! Ìdúpẹ́ dára. Tèmi, tí mo bá ti dé iwájú ìjọ, ìṣẹ́jú méjì péré ni mo máa ń lò. Mo máa ń ti ilé kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kí n má bàa ṣìnà. Kí ẹ̀gbọ́n yín má sì gbàgbé láti tún aṣọ ṣe.

Àbúrò Ọkọ
Ẹ ṣé mà. Ti abẹ́ àwòrán ni mò ń béèrè o, kì í ṣe ti iwájú ìjọ.

Ọmọ Ìyá Àdúrà
Háà, mi ò kà á dáadáa. Ẹ máa bá a lọ.

Jẹ́jẹ́ Layé
Onírẹ̀lẹ̀ kì í dárúkọ ohun tó gbà. Kí wọ́n kọ "Olúwa ṣeun," kó parí síbẹ̀. Gbogbo ìyókù, àṣehàn ni.

Akọ̀wé Àgbà
Ọwọ́ rẹ bà á díẹ̀, Jẹ́jẹ́ Layé. Tí ọwọ́ ọmọ tuntun bá ti hàn nínú àwòrán, àwòrán ti sọ ọ́, kò sí ìdí láti tún un sọ ní gbólóhùn mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àwòrán òfuurufú tàbí ti àbẹ́là lẹ kọ "Olúwa ṣeun" sí lábẹ́, ẹ ti pa àlọ́ fún àwọn èèyàn nìyẹn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pè: ṣé ilé ni, ṣé ìgbéyàwó ni, ṣé ẹ ti rí ìwé ìrìnnà gbà? Ariwo tẹ́ ẹ ń sá fún á wá jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ dárúkọ oore náà lẹ́ẹ̀kan, ní ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń sọ lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọjá.

Nǹkan tí mi ò tíì sọ ni "erùpẹ̀ lásán." Ìrẹ̀lẹ̀ tó bá ti gba gbólóhùn kan fún ara rẹ̀ ti di ìròyìn ẹni tó ń kọ ọ́. Tún wò ó: kò ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ tí erùpẹ̀ náà fi di ẹni tí wọ́n yàn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tí wọn ò yàn ńkọ́?

Olùkọ́ Àmì Ohùn
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi àmì. "O ṣeun" tí o kò fi àmì sí, Ọlọ́run lò ń bá sọ̀rọ̀ ní tààrà. "Ó ṣeun" pẹ̀lú àmì òkè, àwọn èèyàn lò ń bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Méjèèjì dára, àmọ́ mú ọ̀kan kí o sì dì í mú dópin. Ohun tó ń dójú rú ni kí ìlà àkọ́kọ́ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kí ìkejì máa ròyìn rẹ̀, kí ìkẹta tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àti pé "ọpẹ́" ni ẹ ń dá o. "Ọ̀pẹ" ni wọ́n ń gùn.

Jẹ́jẹ́ Layé
Kí ló dé tí kò fi jẹ́ "Ẹ ṣeun, Olúwa"? Ṣé a ń sọ "o" sí àgbà ni?

Olùkọ́ Àmì Ohùn
"Ìwọ" ni Bíbélì Yorùbá fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, torí pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń sọ "Ẹ ṣé, Bàbá" nínú àdúrà, mi ò sì ní pè é ní àṣìṣe. Ẹni bá kọ "ẹ" kó ṣáà mọ̀ pé tó bá tún yíjú sí àwọn òǹkàwé ní ìlà kejì pẹ̀lú "ẹ," wọn ò ní mọ ẹni tó ń bá wí.

Jẹ́jẹ́ Layé
Ẹ̀mí mi ò gbà á ṣá. "Ẹ" lèmi máa kọ.

Ayàwòrán
Ẹ̀yin ń wo ọ̀rọ̀, èmi ń wo àwòrán. Ẹ wo ọrùn ọwọ́ ìyá àti kókósẹ̀ ọmọ. Okùn ìdánimọ̀ tí ilé ìwòsàn máa ń so síbẹ̀ sábà máa ń gbé orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà ìwé ìtọ́jú. Tí ẹ bá fi ìka fa àwòrán náà gbòòrò tí ẹ sì lè kà á, ẹlòmíràn náà lè kà á. Ẹ gé e kúrò. Ẹ má fi àwọ̀ tó mọ́ gaara kùn ún, torí nígbà míì àwọn lẹ́tà náà ṣì máa ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Ohun kan náà ni fún ẹni tó ń dúpẹ́ pé òun rí ìwé ìrìnnà gbà: ojú ìwé tó ní nọ́ńbà kò gbọ́dọ̀ hàn, èèpo ẹ̀yìn tó.

Lórí Instagram, nǹkan bí 125 lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń hàn kí wọ́n tó gé e, ẹni tó bá fẹ́ ìyókù á tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ wa sì tètè ń kún: ọ tàbí ẹ tí àmì ohùn wà lórí rẹ̀ lè di méjì nínú ìṣirò ẹ̀rọ. Nítorí náà kí orúkọ Ọlọ́run àti ohun tó ṣe ti wà ní ìlà kìíní.

Ìyá Súnnà
Ní tiwa, "Alihamudulilahi" ló ń ṣáájú, àwọn kan kì í sì kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú Sura kẹtàléláàádọ́rùn-ún ní kéèyàn máa sọ nípa oore Olúwa rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa tún ń bẹ̀rù ojú burúkú, pàápàá lórí ọmọ jòjòló. Ni àwọn míì bá ń kọ ọ̀rọ̀, wọn ò ní fi ojú ọmọ hàn. Ẹ jẹ́ kí ìyá àti ọmọ délé ná, kí gbogbo rẹ̀ fara rọ. Ọpẹ́ kì í bàjẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta.

Àbúrò Ọkọ
Wọ́n ti délé. Mo tún un kọ:

"Olúwa, o ṣeun. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, o fún wa ní ọmọbìnrin. Ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà.
A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin tí ẹ bá wa gbàdúrà.
Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń dúró, Ọlọ́run á ṣe tiyín kí ọdún yìí tó parí."

Akọ̀wé Àgbà
Ó ti di ti èèyàn. Ìlà kejì dára gan-an: àwọn dókítà tí o sọ di òpùrọ́ ní àná ló gba ẹ̀bí obìnrin náà. Ìlà kẹta nìkan ló kù. Àdúrà kọ́ nìyẹn, ìlérí ni, o sì dá ọjọ́ fún un. Tí ọdún bá parí ńkọ́? Kọ "kí Ọlọ́run rántí yín náà," kí o má dá ọjọ́.

Mò Ń Retí
Ẹ má bínú, mo wà lára àwọn tí ẹ ń sọ. Yọ ìlà yẹn pátápátá. Ìdùnnú yín ni mo wá bá yín ṣe. Tí mo bá kà á débẹ̀, gbogbo ojú á yí sọ́dọ̀ mi.

Ìyá Súnnà
Èmi máa fẹ́ kó wà níbẹ̀ o. Tí wọn ò bá mẹ́nu kan àwa tí a ṣì ń dúró rárá, ó máa ń dà bíi pé wọ́n ti wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Akọ̀wé Àgbà
Mi ò lè dá ìyẹn fún yín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ló mọ àwọn tó máa kà á.

Àbúrò Ọkọ
Mo fi hàn án. Ó yọ ìlà kẹta, ó ní òun á pe àwọn méjì tí òun mọ̀ lórí fóònù kí àwòrán tó jáde, kó má jẹ́ orí ìkànnì ni wọ́n ti máa rí i. Ọkọ fẹ́ yọ "ọdún mẹ́jọ," ó ní ó dà bí ẹni ń kó ìyà jọ hàn. Obìnrin náà ní kó fi í sílẹ̀, òun ni òun kà á. Báwo la ṣe máa dá àwọn tó bá kọ "Tiwa náà ń bọ̀" lóhùn?

Akọ̀wé Àgbà
"Àmín" nìkan. Ẹni tó bá sún mọ́ yín, ẹ fi orúkọ rẹ̀ kún un.