Ìkójáde, ẹrù àjọrù, àti ìwé tí kò tíì ní orúkọ

Ògbufọ̀ béèrè: Ẹ̀yin àgbà, mo ń túmọ̀ ìwé ìlànà ìṣirò owó fún ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló dá mi dúró: ìwé tí atẹ̀wé fi ń gba bébà ní sítọ̀, owó bíi háyà ilé àti iná tí kì í ṣe ti iṣẹ́ kan ṣoṣo, àti ìwé tí gbogbo owó tí iṣẹ́ kan ná wa ń wọ̀ níkẹyìn. Mo ti kọ "ìwé ìbéèrè ọjà", "ìnáwó orí" àti "ìwé ìdíyelé iṣẹ́", àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ sí wọn.

Olùkọ́ èdè: Ẹ yọ "ìnáwó orí" kúrò. Ẹni tó bá kà á, owó orí tí ìjọba ń gbà ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. "Ìnáwó àìrí" ni mo fara mọ́, torí pé owó bẹ́ẹ̀ kì í hàn lára ohun tí a tẹ̀. "Ìbéèrè ọjà" dára ní tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ nǹkan ló ń béèrè.

Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì: Èmi náà gbà pẹ̀lú "ìbéèrè ọjà". Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, bí bébà bá ti ń tán, a ó kọ ọ́, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, ẹni tó ń rajà á sì bọ́ sọ́jà. Ìgbà kan wà tí ìwé náà jókòó sórí tábìlì ọ̀gá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí a ò rí bébà lò.

Akọ̀wé owó: Àbúrò mi, ìwé tí ẹ ń sọ yẹn ń mú ọjà wọlé láti ìta. Èyí tí ògbufọ̀ ń béèrè ń mú ohun tó ti wà nílé jáde kúrò ní sítọ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí méjèèjì jẹ́ orúkọ kan. Ohun tó gbé ti sítọ̀ ró ni nọ́ńbà iṣẹ́ tí a kọ sí i lórí. Láìsí nọ́ńbà yẹn, bébà á jáde, a ò sì ní mọ iṣẹ́ tó jẹ ẹ́. "Ìwé ìkójáde" ni mo dábàá, kí èkejì rẹ̀ sì máa jẹ́ "ìwé ìdápadà". Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan ṣàpèjúwe ìdí tí a fi nílò èkejì yìí.

Oníbàárà fẹ́ ìwé pẹlẹbẹ 2,000, olójú ewé 32. Bébà ńlá kan ń gba ojú ewé 16, 8 níwájú, 8 lẹ́yìn. Bébà 2 ló máa di ìwé kan, 4,000 ló sì máa di gbogbo rẹ̀. Atẹ̀wé fi 200 kún un fún èyí tó máa bàjẹ́ nígbà tí ó bá ń tún ẹ̀rọ tò, ó wá di 4,200. Rímù kan jẹ́ bébà 500, sítọ̀ kì í sì í tú rímù, nítorí náà wọ́n kó 9 jáde, ìyẹn 4,500. Nígbà tí iṣẹ́ parí, 240 ṣẹ́ kù.

Ká ní owó rímù kan jẹ́ 50, ìwé ìkójáde á sọ pé 450, ìwé ìdápadà á yọ 24, iṣẹ́ náà á sì ru 426. Ṣùgbọ́n bí 240 yẹn bá sùn sábẹ́ tábìlì títí iṣẹ́ mìíràn fi lò ó, ti àkọ́kọ́ á ru 24 tí kì í ṣe tirẹ̀, ti ìkejì á sì jẹ bébà ọ̀fẹ́. Ìwé sítọ̀ á ṣe rẹ́gí síbẹ̀, torí pé 9 jáde lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní fura. Ibi tí mo ti máa ń rí i mú ni iṣẹ́ tí bébà orí ìwé rẹ̀ kéré sí iye tí ẹ̀dà tí a kó fún oníbàárà lè gbà. Bébà 3,900 kò lè di ìwé 2,000 yẹn láéláé.

Ní ti "àìrí", mi ò gbà. Háyà ilé hàn gbangba, rìsíìtì rẹ̀ wà nínú fáìlì. Ohun tí a ò rí ni ìpín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ló jọ ń ru ú, ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní "ẹrù àjọrù". Kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ni a ti máa ń fojú dá a: bí a bá rò pé ó máa jẹ́ 48,000, tí ẹ̀rọ sì máa ṣiṣẹ́ wákàtí 1,600, wákàtí kan á ru 30. Iṣẹ́ yìí lo ẹ̀rọ fún wákàtí 10, ó ru 300. Ẹ fi 426 ti bébà sí i, 340 ti èèpo ìwé àti pélétì tí a fi ń tẹ̀wé, àti 224 ti owó ọwọ́ òṣìṣẹ́. Àpapọ̀ jẹ́ 1,290.

Atẹ̀wé: "Ẹrù àjọrù" wọ̀ mí létí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún bébà tó bàjẹ́ yẹn. Ilé iṣẹ́ kan tí mo wà ti ka ìbàjẹ́ mọ́ ẹrù àjọrù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, wọ́n sì tún ń kà á sára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iye tí a ń pè fún oníbàárà wá ga ju ti àwọn yòókù lọ, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ wa, a ò mọ ohun tó fà á.

Akọ̀wé owó: Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Bí mo ṣe ka ìbàjẹ́ sára iṣẹ́ lókè yẹn, kò gbọ́dọ̀ sí nínú 48,000 mọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ fún gbogbo iṣẹ́ lè wọ ẹrù àjọrù, bí a ò bá ti kà á sára iṣẹ́. Èyí tí bébà líle tí oníbàárà kan fi dandan lé bá fà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ru ú. Bí òṣìṣẹ́ bá sì gbé pélétì sódì tí a fi tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, òfò ilé iṣẹ́ ni. Bí a bá kọ ọ́ sára iṣẹ́, ìwé á máa sọ fún wa lọ́jọ́ iwájú pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n.

Olùkọ́ èdè: Mo yí "àìrí" padà. Ṣùgbọ́n kí ló burú nínú "ìwé ìdíyelé iṣẹ́"?

Akọ̀wé owó: Ẹni tó ń tà ló ń díyelé. 1,290 ni ohun tó ná wa. A lè díyelé e ní 1,600 fún oníbàárà, a sì lè gbà á ní 1,200 kí a pàdánù 90. Bí orúkọ kan bá bo méjèèjì, a ò ní mọ ìgbà tí a ń pàdánù. "Ìwé ìnáwó iṣẹ́" ni mo fẹ́.

Olùkọ́ èdè: Ẹni tó bá ní òun ní ìnáwó, ayẹyẹ ni a máa ń rò. Àti pé 300 ti ẹrù àjọrù yẹn, ìfojúdá ni, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ lápò fún iṣẹ́ yìí. Ṣé ìnáwó nìyẹn? Èdè wa máa ń sọ pé nǹkan "ná mi ní" báyìí. "Ìwé ohun-tó-ná-wa" sún mọ́ ọn jù, bó tilẹ̀ gùn.

Atẹ̀wé: Ó gùn jù láti kọ sórí fáìlì. Àwa kàn ń pè é ní ìwé iṣẹ́. Tàdáwà ń kọ́? Ike kan ń ṣe iṣẹ́ márùn-ún. Ṣé ká máa kọ ìkójáde fún un?

Akọ̀wé owó: Dúdú tí gbogbo iṣẹ́ ń lò, ẹ fi sínú ẹrù àjọrù. Àwọ̀ tí ẹ pò fún oníbàárà kan ṣoṣo, ẹ kọ nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ sí i, kó ru gbogbo ike, torí pé ìlàjì tó kù kò ní wúlò fún ẹlòmíì.

Ògbufọ̀: Ẹ ṣeun. Mo mú ìkójáde, ìdápadà àti ẹrù àjọrù. Orúkọ ìwé ìkẹyìn ni mo ṣì fi àlàfo sílẹ̀ fún.