"Ìyọ̀ǹda" àbí "ìfohùnsí": ọ̀rọ̀ wo la máa lò fún gbígba ìpè fóònù sílẹ̀?

Adéọlá, Bọ́tímọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Màríláàndì, lórí gbígba ìpè fóònù sílẹ̀ fún ìlò ara ẹni. Oríṣi òfin méjì ló wà nínú rẹ̀: èyí tó ní bí ẹnì kan bá ti gbà, ó ti tó, àti èyí tó ní gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà. Mo kọ "ìyọ̀ǹda ẹnì kan" àti "ìyọ̀ǹda gbogbo ènìyàn". Àǹtí mi kà á, wọ́n ní: "Ta lẹni kan ọ̀hún? Ṣé kí n lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọlọ́pàá ni?" Kí ni ká pè é?

Bàbá Kẹ́hìndé, Hiúsítìn:
Àǹtí yín ti rí ibi tó ti ń jò. Òkè ni ìyọ̀ǹda ti máa ń wá. Bàbá ló ń yọ̀ǹda ọmọ, ọ̀gá ló ń yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ kó tètè lọ sílé. Bí ẹ bá kọ "ìyọ̀ǹda ẹnì kan", ẹni tó ń kà á máa wá ọ̀gá kiri, òfin yìí ò sì ní ọ̀gá nínú. Ohun tó ń wí ni pé nínú àwọn tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bí ọ̀kan bá mọ̀ pé wọ́n ń gbà á sílẹ̀, tó sì fara mọ́ ọn, ó parí. Ọ̀kan yẹn lè jẹ́ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Mo ti ṣe ògbufọ̀ nílé ẹjọ́ níbí pẹ́, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn wa lójú, nítorí kò sẹ́ni tó ń yọ̀ǹda fún ara rẹ̀ ní Yorùbá.

Ìfohùnsí lèmi ń lò. Ọmọdé lè fohùn sí ọ̀rọ̀ àgbà, àgbà lè fohùn sí ti ọmọdé. Ẹ wá kọ "ìfohùnsí olóhùn kan" àti "ìfohùnsí gbogbo olóhùn". Ẹnikẹ́ni tí ohùn rẹ̀ wà nínú ìpè náà ni olóhùn. Ẹni tó fara pamọ́ síta, tó ń jí ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, kì í ṣe olóhùn, kò sì sí èyí tó gbè é lẹ́yìn nínú òfin méjèèjì.

Tóyìn, Niú Jásì:
Olóhùn kẹ̀! Akọrin lèmi mọ̀ sí olóhùn. Ẹ kọ "olóhùn" sínú ìwé ìjọba, wọ́n á rò pé ẹ ń wá ẹni tó máa kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Èyí tó jù níbẹ̀ ni pé Adéọlá ò tiẹ̀ nílò oríṣi méjì. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ẹnì kan ti tó, òfin àpapọ̀ ló sì ga ju ti ìpínlẹ̀ lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gba ìpè àwọn abánigbófò sílẹ̀ láti ilé mi, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Bàbá Kẹ́hìndé, Hiúsítìn:
Tóyìn, ìdajì rẹ̀ lẹ mú. Lóòótọ́, òfin àpapọ̀ ti 1968 ní ẹnì kan ti tó, Niú Jásì tí ẹ wà àti Tẹ́sáàsì tí mo wà sì bá a mu. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ni òfin yẹn fi lélẹ̀, kò kan òrùlé. Ó gba ìpínlẹ̀ láyè kó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kalifọ́níà, Pẹnsilifáníà, ìpínlẹ̀ Wọ́ṣíńtìnì àti Màríláàndì ní gbogbo olóhùn ló gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n sì gbà. Ní Màríláàndì, ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 5, tàbí owó ìtanràn $10,000, tàbí méjèèjì.

Ẹ rántí Linda Tripp. Ní 1997, inú ilé rẹ̀ ní Màríláàndì ló jókòó sí tó ń gba ọ̀rọ̀ tí òun àti Monica Lewinsky, ọmọbìnrin tí wọ́n dárúkọ mọ́ Ààrẹ Clinton, jọ ń sọ sílẹ̀. Kò jí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì gbọ́, òun fúnra rẹ̀ wà lórí fóònù. Síbẹ̀, ní 1999 ìpínlẹ̀ náà fẹ̀sùn kàn án, àfìgbà tó di 2000 kí wọ́n tó fi ẹjọ́ ọ̀hún sílẹ̀. Ká ní Tẹ́sáàsì ló ti tẹ bọ́tìnnì, tí ẹni kejì náà sì wà ní Tẹ́sáàsì, olóhùn kan ti tó.

Bí ìpè bá wá gba ààlà kọjá ńkọ́? Ẹjọ́ kan wà ní ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kalifọ́níà ní 2006. Jọ́jíà, níbi tí ẹnì kan ti tó, ni ọ́fíìsì tó ń gba ìpè sílẹ̀ wà, àwọn oníbàárà tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ sì wà ní Kalifọ́níà. Ilé ẹjọ́ ní òfin Kalifọ́níà ló máa ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí mo bá pe Adéọlá láti Hiúsítìn, òfin ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀ lé, torí òun ló le jù. Tóyìn, ibo làwọn abánigbófò yín ti ń gbé fóònù?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà, ó jọ pé ọ̀rọ̀ kan náà la ń sọ. Onílé mi ló ṣèlérí lórí fóònù pé òun máa tún òrùlé ṣe kí òjò tó dé. Mo ti gba áàpù kan sórí fóònù mi, mo fi gbà á sílẹ̀. Nígbà tí mo tún gbọ́ ọ, ohùn tèmi nìkan ló wà níbẹ̀: "Ẹ ṣé, sà… bẹ́ẹ̀ ni, sà… ṣé lóṣù tó ń bọ̀, sà?" Ẹni bá gbọ́ ọ á rò pé iwin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé torí pé n kò gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn ni ohùn wọn ò fi wọlé?

Ṣadé, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ̀rín pa mí, Ìyá Ìbejì. Rárá o, áàpù ò mọ òfin. Áńdíróìdì ti dínà ibi tí ohùn ẹni kejì ń gbà kọjá mọ́ áàpù tí wọn ò bá kọ́ mọ́ fóònù látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn áàpù wọ̀nyẹn ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé nípasẹ̀ ètò ìrànwọ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n Gúgúlù ti ìyẹn náà mọ́ áàpù inú ilé ìtajà rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 2022. Ohun tó kù fún un ni máíkì yín, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin nìkan ló gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ `Record` sí máa yọjú nígbà tí ìpè bá ń lọ lọ́wọ́. Bí kò bá sí, ẹ gbé ohùn ìpè síta, ẹ gbé fóònù kejì tàbí ti ọmọ yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ ṣí agbohùnsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ pa fáànù. Ẹ fi ìpè ẹ̀gbọ́n yín dán an wò ná, ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó pe onílé.

Ní ti áífóònù, lọ́dọ̀ wa níbí, láti `iOS 18.1` ni bọ́tìnnì ti wà lójú ìpè, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ti wà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ohùn ẹ̀rọ máa sọ fún ẹ̀yin méjèèjì pé wọ́n ń gba ìpè náà sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa tọ́jú rẹ̀ sínú `Notes`. Ẹ ò lè pa ohùn yẹn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní ti ọ̀rọ̀ lílò, ẹ má kọ "ká ohùn sílẹ̀" o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ làwọn oníròyìn ń sọ. "Ká" inú "wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti ń jalè" ni. Ẹni tí wọ́n bá ká ohùn rẹ̀ ti di ọ̀daràn kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. "Gbà sílẹ̀" ló mọ́.

Bàbá Kẹ́hìndé, Hiúsítìn:
Èmi rò pé "ká" inú "ká ẹní" ni, nítorí téèpù ayé àtijọ́, ó ń ká bó ṣe ń gba ohùn. Ṣùgbọ́n n kò lè búra. Ẹ̀yin náà ò lè búra, Ṣadé.

Ìyá Ìbejì, Nàìjíríà lẹ wà, òfin tibẹ̀ yàtọ̀. Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa dáàbò bo àṣírí ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù. Bó bá sì di ilé ẹjọ́, abala 84 Òfin Ẹ̀rí 2011 ń béèrè ìwé tó sọ irú ẹ̀rọ tó gbà á àti bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má gé nǹkankan kúrò nínú rẹ̀, ẹ má sì pa á rẹ́ lórí fóònù tó kọ́kọ́ gbà á. Kí ẹ tiẹ̀ sọ fún onílé kí ẹ tó gbà á ló dáa jù.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn:
Mo sọ fún wọn lánàá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ wa yìí sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé." Wọ́n ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" wọ́n sì gbé fóònù kalẹ̀. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n kọ ọjọ́ tí káfíńtà máa wá ránṣẹ́ sí mi. Ìyẹn gan-an ni mo ń wá.

Adéọlá, Bọ́tímọ̀:
Mo ti yí i padà sí ìfohùnsí. Èyí ni mo kọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ohun tí yóò sọ:

"Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ bi ẹni kejì: 'Mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ara mi, ṣé ẹ fohùn sí i?' Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ìdáhùn rẹ̀ lè wọ inú ohun tí ẹ gbà sílẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ nítorí pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ni Màríláàndì ní kí àdéhùn ti wà. Ìgbà kejì wà kí ẹ̀rí lè wà. Mo kà á fún àǹtí mi. Wọ́n ní ó yé àwọn báyìí, wọ́n wá bi mí: "Bí onítọ̀hún bá gbọ́, tó dákẹ́, tó kàn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ńkọ́? Kò fohùn sí nǹkankan." N kò mọ ohun tí mo máa sọ.

Tóyìn, Niú Jásì:
Ẹ ò rí i! Báńkì máa ń sọ pé "a lè gba ìpè yìí sílẹ̀", a ò dáhùn, a kàn ń bá tiwa lọ, wọ́n sì kà á sí pé a ti gbà. Èmi ní "ìfaramọ́" ló bá a mu. Ẹni tó dákẹ́ lè fara mọ́ nǹkan. (Mo wo ibi tí abánigbófò mi wà, Bàbá. Pẹnsilifáníà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tiwọn náà máa ń sọ pé àwọn ń gbà mí sílẹ̀.)

Bàbá Kẹ́hìndé, Hiúsítìn:
Tiwọn ni wọ́n sọ o, ẹ̀yin ò tíì sọ tiyín. Ẹ sọ ọ́ fún wọn.

Àǹtí yín ti tún rí ihò míì, mo gbà. Lóòótọ́, ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ tí kò gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n sábà máa ń ka ìyẹn sí pé ó ti gbà. Ìfohùnsí ò lè gbé ìyẹn, ohùn ti há sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfaramọ́ tún fẹ́ jọ ìfaradà létí mi, bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ tó mú un mọ́ra. Fún ìwé pélébé, mo ṣì fara mọ́ ìfohùnsí, torí ó ń ti èèyàn láti béèrè kó sì dúró gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni".

Ṣadé, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ ti lo "fara mọ́" báyìí, Bàbá. Kò sì jọ ìfaradà rárá.

Ìbéèrè kan ló kù. Ohùn ẹ̀rọ áífóònù ò gbọ́ Yorùbá. Ìyá mi ní Ìlarò gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní, "Ta lòyìnbó tó wà pẹ̀lú yín yẹn? Ẹ bá mi kí i." Ṣé wọ́n ti fara mọ́ ọn nìyẹn?