Ẹ̀gbọ́n mi kò lè yàgbẹ́ mọ́ bí kò bá lo oògùn

Ìyá Ìbejì, Adátán:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ni mo gbé wá. Lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ kẹta ni ìgbẹ́ ò wá dáadáa, ẹnìkan bá ní kó máa lo bisakodíìlì, ẹyọ kan lálẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Ọdún kẹrin rèé, ẹyọ kan ti di mẹ́rin, ó sì tún ń mu omi ewé àsúnwọ̀n lé e. Bó bá fò ó lálẹ́ kan, kò ní yàgbẹ́ lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀, yóò tún gbé e mì. Níjọ́sí ló ń ká aṣọ, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní pòtásíọ̀mù ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ta ló ti bá irú èyí pàdé?

Ọmọ Alágbo, Láfẹ́nwá:
Ìfun ti kú nìyẹn, ẹ má tan ara yín. Oògùn òyìnbó ló ń fa irú ẹ̀. Ewé àsúnwọ̀n kò lè ṣe é ní nǹkan kan, kó máa mu ún lọ.

Bàbá Kékeré:
Jẹ̀díjẹ̀dí ni, kó yé jẹ ṣúgà. Èmi náà, ìdí mi a máa yọ bí mo bá jókòó pẹ́ nínú mọ́tò, ẹ̀jẹ̀ á sì kán sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìntì, Ìjàyè:
Bàbá, tiyín yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán yẹn, ẹ lọ fi han dókítà kí ẹ tó pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí.

Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́. Irú oògùn yìí ń na ìfun ńlá lẹ́gba ni, kó lè sáré ti ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Bí ó bá ti gbá gbogbo rẹ̀ tán, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ìgbẹ́ mìíràn máa gbà kó tó kún ibẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n yín kò bá yàgbẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò sí ìgbẹ́ ńlẹ̀ tó fẹ́ yà. Òun á rò pé inú ti dí, á tún mu ún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí i.

Ìgbẹ́ olómi tó ń yà lójoojúmọ́ ló ń kó pòtásíọ̀mù lọ. Bó bá dín kù, iṣan ẹsẹ̀ á rọ, ọkàn á máa lù ségesège, ìfun fúnra rẹ̀ á sì lọ́ra, torí iṣan ni òun náà. Ìyẹn ni ẹyọ kan ò ṣe ká a mọ́. Bó bá tún ń lo oògùn ìfúnpá tó ń mú ni tọ̀, ewu náà pọ̀ sí i.

Ọmọ Alágbo, ìdí kan náà ni àsúnwọ̀n àti sẹ́nà inú páálí tíì fi ń mú ni yàgbẹ́. Ewé ni, ìfun ò mọ̀ pé ewé ni. Ní ti pé ìfun kú, àwọn dókítà ò fẹnu kò lé e lórí. Oògùn ayé àtijọ́ tí wọn kì í lò mọ́ ni púpọ̀ nínú ẹ̀rí yẹn ti wá. Sẹ́nà a máa sọ inú ìfun di dúdú, ṣùgbọ́n àwọ̀ yẹn ń ṣí kúrò bí èèyàn bá jáwọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Panséke:
Èmi jáwọ́ díẹ̀díẹ̀. Dókítà fún mi ní láktúlóòsì, tó ń fa omi sínú ìgbẹ́ kó lè rọ̀. Kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó tó ọjọ́ méjì. Bí mo bá jẹun àárọ̀ tán, màá lọ jókòó sí ṣáláńgá, ẹsẹ̀ lórí àpótí, torí oúnjẹ tó wọ ikùn ń jí ìfun. Afẹ́fẹ́ kún inú mi burúkú níbẹ̀rẹ̀, aya mi kó lọ sùn ní pálọ̀. Mo ṣì ń lo ẹyọ kan bí mo bá rìnrìn àjò, ẹ má bú mi.

Ṣadé:
Dókítà ló ní kí bàbá mi máa lo sẹ́nà lálaalẹ́, torí mọfíìnì tó ń lò fún ìrora. Ṣé ká dá a dúró ni?

Nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìntì, Ìjàyè:
Rárá o, ẹ má dá a dúró. Mọfíìnì máa ń dí èèyàn nínú, dókítà ló sì ń mójú tó o. Ẹni tó ń rà á fúnra rẹ̀, tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan, ni mò ń bá wí.

Ìyá Ìbejì, Adátán:
A dúpẹ́ o, mà. Ṣé kí n wá pòtásíọ̀mù rà fún un ní kẹ́míìsì?

Nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìntì, Ìjàyè:
Ẹ má dán an wò. Bó bá pọ̀ jù, ó lè dá ọkàn dúró. Kí wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Bí ikùn bá wú, tó ń bì, tí afẹ́fẹ́ ò sì jáde, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má fún un ní oògùn ìgbẹ́ kankan.

Ìyá Ìbejì, Adátán:
Ó ti gbà láti sọ mẹ́rin di mẹ́ta. Àsúnwọ̀n ni kò fẹ́ gbọ́ pé ká fọwọ́ kàn.

Ọmọ Alágbo, Láfẹ́nwá:
Mo ṣì ní ewé ò pa ẹnikẹ́ni.