Àmì ohùn wo ló yẹ lórí "yi" níwájú běn, zhāng àti jiàn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni ní èdè Ṣáínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí èyí. Ìdánrawò inú ìwé ní ká fi ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n dí àlàfo, ká sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀:

yi ___ shū, yi ___ zhǐ, yi ___ yīfu

Àlàfo yẹn ò le: běn ni ti ìwé, zhāng ni ti bébà, jiàn ni ti aṣọ. Orí "yi" ni wàhálà wà. Tó bá dá dúró, yī ni. Lẹ́nu, ó máa ń di yí tí ohùn kẹrin bá tẹ̀ lé e, ó sì máa ń di yì níwájú àwọn ohùn mẹ́ta yòókù. Ẹni tó bá kọ ohun tó gbọ́ á kọ yì běn, yì zhāng, yí jiàn. Àmọ́ yī ni ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé kọ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo mọ̀ pé òfin àkọtọ́ Pínyìn fara mọ́ ohùn ìpilẹ̀ṣẹ̀; ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ wǔ běn, tí a sì ń pè é ní wú běn. Ṣùgbọ́n ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ yí ge pọ̀. Ti dì-yī běn ò ní àríyànjiyàn, torí yī kì í yí padà nínú "ìkíní".

Tẹ́ ẹ bá ń máàkì, ṣé ẹ máa ń gba méjèèjì? Tí ìbéèrè ò bá sọ èyí tó ń fẹ́ ńkọ́?