Àwọn ọmọ dáhùn ìbéèrè àgbọ́yé Gẹ̀ẹ́sì láì tíì gbọ́ nǹkan kan

Tíṣà Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbé wá. JSS2 ni mò ń kọ́. Yorùbá ni gbogbo wọn ń sọ nílé, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń gbọ́ kò sì ju ti inú kíláàsì àti ti tẹlifíṣọ̀n lọ. Ní táàmù tó kọjá, mo jókòó kọ àyọkà àgbọ́yé fúnra mi, èyí tí wọ́n máa fetí gbọ́ kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn àti ibà ni mo kọ, ó kún ojú ewé kan. Mo kà á sínú fóònù, mo wá ṣe ìbéèrè 10 sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn mẹ́ta tí wọ́n á ti mú ọ̀kan, A, B àti C.

Lọ́jọ́ tá a fẹ́ ṣe é, mo ti pín bébà tán kí n tó rí i pé sípíkà ti kú. Mo sáré lọ wá ṣájà ní ọ́fíìsì. Nígbà tí mo fi máa padà dé, àwọn ọmọ ti dáhùn tán! Inú kọ́kọ́ bí mi, àmọ́ mo gba bébà náà, mo sì máàkì rẹ̀. Nínú ọmọ 38, àwọn 21 gba 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo o. Ẹ wo ìbéèrè kìíní: kí ló ń gbé ibà kiri? A ní eṣinṣin, B ní ẹ̀fọn, C ní aáyán. Ọmọ wo ni ò mọ ìyẹn ní Ìsẹ́yìn? Ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé ni mo ń bi wọ́n.

Ó dùn mí gan-an, torí irú máàkì bẹ́ẹ̀ ni mo ti fi ń sọ fún àwọn òbí pé ọmọ yìí ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tọ̀hún ò gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ń kọ tiyín?

Bàbá Olùkọ́

Ọmọ mi, sípíkà tó kú yẹn ṣe ọ́ lóore. Ohun tó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ sí ọ, ńṣe la máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nígbà tí mo ṣì ń ṣe ìbéèrè ìdánwò. A ó mú ọmọ márùn-ún tí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá, a ó fún wọn ní ìbéèrè nìkan. Bó bá jẹ́ ìdáhùn mẹ́ta ló wà níwájú wọn, ẹni tó kàn ń méfò lè rí mẹ́ta nínú mẹ́wàá, nígbà míì mẹ́rin. Bí púpọ̀ nínú wọn bá ti ń gba márùn-ún sókè, ìbéèrè yẹn ń jò. A ó wá wo èyí tí gbogbo wọn mú, òun ni a ó kọ́kọ́ sọ nù.

Ibi méjì ló ti sábà máa ń jò. O ti rí èkíní: ìmọ̀ tí wọ́n gbé wá láti ilé. Ìkejì máa ń sá pa mọ́. Nínú ìdáhùn mẹ́ta tó o kọ, bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ẹnu sọ nínú ọ̀rọ̀ náà, ọmọ tí kò lóye nǹkan kan á gbọ́ ìró yẹn, á sì mú un. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yé, ìró kan ló dá mọ̀.

Jẹ́ n fi èyí tí mo ṣe fún kíláàsì mi rí hàn ọ́. Ìyá kan pe ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé n'Ìbàdàn. Ìyá ní kó wá sílé ní Sátidé. Ọmọ ní òun ní iṣẹ́ tí òun gbọ́dọ̀ ṣe ní Sátidé, ṣé òun lè wá ní Sọ́ńdè? Ìyá ní Sọ́ńdè ni ìsìn ìdúpẹ́ gan-an, ilé á ti kún, kó tètè wá kó lè bá wọn ṣètò. Ọmọ ronú díẹ̀, ó ní ó dáa, bí òun bá ti jáde ní kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì, mọ́tò ni òun máa wọ̀. Ìbéèrè wá ni: ọjọ́ wo ni ọmọ máa rìn? Sátidé, Sọ́ńdè, ọjọ́ Ẹtì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ìdí tí wọ́n fi kọ Sátidé àti Sọ́ńdè sílẹ̀ nìkan ló máa mú ọjọ́ Ẹtì. Àmọ́ má jẹ́ kó jẹ́ pé ìgbẹ̀yìn ni ìdáhùn máa ń wà nígbà gbogbo. Àwọn ọmọ máa mọ̀, wọn ò sì ní fetí sí ìbẹ̀rẹ̀ mọ́.

Nǹkan míì tún wà nínú ẹ̀fọn tó o kọ yẹn. Àròkọ ni. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bí àròkọ. Kọ kókó mẹ́fà tàbí méje sórí bébà: ta ló ń bá ta sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́, kí ló dí i lọ́wọ́, ibo ni wọ́n fẹnu kò sí. Pe tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ kan, tó bá jẹ́ ọkùnrin ló dáa jù, kí àwọn ọmọ lè mọ ohùn tìrẹ yàtọ̀ sí tiẹ̀. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ sínú fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàá tẹ́tí sí i, tí wàá kọ ohun tẹ́ ẹ sọ sílẹ̀, tí wàá wá ṣe ìbéèrè lé e. Ìṣẹ́jú méjì tó fún JSS2.

Akin Ọ̀fà

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Tèmi ni pé kí wọ́n rọra ka ọ̀rọ̀ náà ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń dá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró kà fún JSS1: mo sọ ọ̀kan, mo sinmi, mo sọ òmíràn. Máàkì wọn lọ sókè láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọmọ ò bá tíì gbọ́ èdè, kí la fẹ́ máa sáré fún?

Bàbá Olùkọ́

O rí apá kan ibẹ̀, Akin. Sísinmi dára, àmọ́ ibi tó o ti ń sinmi ni mi ò bá ọ gbà. Ṣé o rí i pé nínú Yorùbá wa, a kì í sọ pé "jẹ ẹran", "jẹran" la ń sọ? A kì í sọ pé "wá ilé", "wálé" ni. Bí àlejò bá kọ́ "jẹ" lọ́tọ̀, tó kọ́ "ẹran" lọ́tọ̀, kò ní mọ "jẹran" lọ́jọ́ tó bá dé ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lẹ̀ mọ́ra lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́. Bó o bá dá ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró, o ti tú u fún wọn, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́ láti tú fúnra wọn. Sọ gbólóhùn bó ṣe máa ń jáde lẹ́nu, kó o wá sinmi kó o tó bọ́ sí èyí tó kàn.

Ìyá Dámi, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ má bínú o, àpèkọ ni mo kọ́kọ́ rò pé ẹ ń sọ, kí tíṣà máa pe ọ̀rọ̀ kí a máa kọ ọ́. Àmọ́ mo fẹ́ sọ tèmi, torí èmi ni mo wà ní ìdí àga ọmọ kíláàsì. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, mo lọ sí kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ti àwọn àgbàlagbà, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Gbogbo ohun tí tíṣà wa ń tẹ̀ sí wa létí, mo ń gbà á. Ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí ariwo, ó sì máa ń sọ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kan ilé ìwòsàn kan fi ohùn sílẹ̀ lórí fóònù mi pé kí n gbé ọmọ wá ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 15. Mo gbọ́ 50. Mo débẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti pe orúkọ wa tán. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún tíṣà wa, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ṣe tuntun fún wa, èyí tó dà bí ohùn orí fóònù gan-an, tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kọ́ wa pé ti 15 máa ń fà gùn lẹ́yìn, ti 50 iwájú ló wúwo, ẹ̀yìn rẹ̀ á gé kúrú. Títí dòní etí mi ṣì ń wá ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yẹn.

Ohun kan ló bí mi nínú. Ìbéèrè kan ní kí a kọ ọjọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ Ọjọ́bọ̀ ketekete, àmọ́ mi ò mọ̀ ọ́n kọ dáadáa ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fún mi ní òdo. Ẹ̀yin tíṣà, ṣé etí lẹ ń dán wò ni àbí ọwọ́?

Tíṣà Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun mà. Ẹ jàre. Mo ti ń ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún yín yẹn fún àwọn ọmọ mi. Láti ìsinsìnyí, bí ohun tí ọmọ kọ bá ti fi hàn pé ó gbọ́ ọ, màá fún un ní máàkì rẹ̀.

Kọ́lá Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS ni èmi ń kọ́ àwọn ènìyàn fún. Ní apá àgbọ́yé rẹ̀, ìbéèrè 40, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbọ́ ọ. Torí náà ẹ̀ẹ̀kan lèmi ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ẹni tí mò ń kọ́, àti ọmọdé àti àgbà. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé ẹ máa tún un tẹ̀, wọn ò ní kọbi ara sí àkọ́kọ́. Ohùn òyìnbó ni mo sì ń lò, nítorí òun ni wọ́n máa bá lọ́jọ́ náà.

Bàbá Olùkọ́

Fún ẹni tó ń lọ sí ìdánwò yẹn, o jàre. Ṣùgbọ́n ọmọ JSS2 kò lọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn, mo sì ń fún ìkọ̀ọ̀kan níṣẹ́ tirẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ìbéèrè kan péré: àwọn wo ló ń sọ̀rọ̀, kí ló dé tó fi pè? Wọn ò gbọdọ̀ mú bírò. Ìgbà kejì ni wọ́n á wá gbọ́ ọjọ́, owó àti ibi.

Kọ́lá Àkúrẹ́

Bàbá, mi ò tíì gbà tán. Ní ilé ẹjọ́ tàbí ní ọjà, ta ló ń tún ọ̀rọ̀ sọ fúnni?

Akin Ọ̀fà

Ní ọjà, wàá ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ" ni, wọ́n á sì tún un sọ. Ohùn òyìnbó yẹn ló ń kọ mí lóminú ní tèmi. Mo lò ó lẹ́ẹ̀kan, gbogbo kíláàsì ń wò mí lójú ni. Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ wọ̀nyí máa gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ẹnu àwa ará Nàìjíríà ni.

Ìyá Dámi, Lọ́ńdọ̀nù

Títí ọ̀kan nínú wọn á fi wá sí ọ̀dọ̀ wa níbí.

Tíṣà Ìsẹ́yìn

Mo ti ṣe é o. Èmi àti tíṣà ìṣirò la jọ gbà á sílẹ̀: ìyá pe ọmọ rẹ̀ n'Ìbàdàn, ìbéèrè 8. Mo kọ́kọ́ fún ọmọ márùn-ún láti kíláàsì míì ní ìbéèrè láì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n gba 2, 3, 2, 4 àti 3. Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó gba 4, ó ní torí ìdáhùn B ti ìbéèrè kẹta gùn ju ìyókù lọ lòun fi mú un. Òótọ́ ni, mo sì gé e kúrú.

Nígbà tí kíláàsì mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, púpọ̀ gba 5 tàbí 6. Àmọ́ ìbéèrè kẹfà, ọmọ mẹ́rin péré ló gbà á nínú 38, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò sì le rárá. Mo tún un tẹ̀, mo dúró níwájú, orí wọn ni mò ń wò. Ìyá ní kó san 3,500 náírà, kó sọ̀ ní Ọjà Ọba, gbogbo rẹ̀ nínú èémí kan. Iye owó ni ìbéèrè karùn-ún, ibi tí á ti sọ̀ ni kẹfà. Nígbà tí ẹnu dé Ọjà Ọba, gbogbo orí ti wà nílẹ̀, wọ́n ń kọ owó. Ọ̀la ni a máa tún apá ibẹ̀ gbà. Lẹ́yìn tí ìyá bá dárúkọ owó, á kọ́kọ́ béèrè ara àbúrò, ọmọ á sì dáhùn, kí ó tó wá kan ibi tí á ti sọ̀.