Yorùbá mi ò lábùkù, síbẹ̀ ó ń dún bí ìtumọ̀: kí ló ṣiṣẹ́ fún yín?

Ọmọ Pẹ́kàmù
Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dàgbà l'ókè òkun ni mò ń bi, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá tán, tí ẹ ń sọ ọ́, tí ó wá dúró sójú kan. Mò ń ka ìròyìn láìyẹ ìwé atúmọ̀ wò. Àmọ́ tí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá mi àgbà, wọ́n á ní, “Yorùbá ìwé rèé o.” Ohun tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé rèé, n ò yí ọ̀rọ̀ kan padà:

“Mo lọ sí ọjà. Mo rí ẹja tó dára. Nígbà tí mo ń ra ẹja náà, mo pàdé Ìyá Bọ́lá. Mo sọ fún un pé mo máa wá sí ilé rẹ̀. Ó dùn mí gan-an pé mo rí i.”

Irú ìdánrawò wo ni kí n máa ṣe?

Ìyá Ìbejì
Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Àwọn ọmọ mi pé ọdún mẹ́rin, tí mo bá sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn. Ṣé àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó ń sọ Yorùbá lè ràn wọ́n lọ́wọ́?

Àdùkẹ́ Olùkọ́
Ìyá Ìbejì, ti ọmọdé yàtọ̀ sí èyí, ẹ jẹ́ ká fún un ní àyè tirẹ̀.

Ọmọ Pẹ́kàmù, láti ìsàlẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. “Ó dùn mí” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀. Ohun tí o sọ fún ìyá rẹ àgbà ni pé rírí tí o rí Ìyá Bọ́lá bà ọ́ nínú jẹ́. “Ó dùn mọ́ mi” lo ń wá. Èkejì, Ìyá Bọ́lá kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ, o wá ń pè wọ́n ní “un” àti “rẹ̀”. Gírámà ò rí nǹkan sọ sí i, etí àgbà ló máa rí i.

Wàyí o, ka iye “mo” tó wà nínú gbólóhùn márùn-ún yẹn. Méje ni. Ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ti ń yọ jáde. Ẹni tó ń sọ ọ́ nílé á ní:

“Ibi tí mo ti ń ra ẹja lọ́jà ni Ìyá Bọ́lá ti bá mi. Mo ní màá yà kí wọn nílé. Ó dùn mọ́ mi pé a ríra.”

Wò ó, “mo” ti kù sí méjì. “Mo lọ sí ọjà” ti pòórá, torí ẹni tó ń ra ẹja lọ́jà ti lọ sọ́jà tán. “Yà kí wọn” sì ti ṣe iṣẹ́ tí “wá sí ilé” ń ṣe, ó tún fi hàn pé o ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ìdánrawò rèé. Bẹ ìyá rẹ àgbà kí wọ́n sọ ìtàn kan fún ìṣẹ́jú méjì, kí o gbà á sílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí dé orí “àbí” àti “ṣé o rí i”. Lọ́jọ́ kejì, má wo ìwé, sọ ìtàn náà fúnra rẹ, gba tìrẹ náà sílẹ̀, kọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, tẹ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Fi pupa fa ilà sí ibi tí wọ́n ti lo “ni”, tí ìwọ ò lò ó. Fi búlúù fa ilà sí ibi tí wọ́n ti lo ọ̀rọ̀-ìṣe kan, tí ìwọ to ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Mú mẹ́ta péré nínú àwọn tí o fàlà sí. Lọ́jọ́ kẹrin, sọ ìtàn mìíràn tó jẹ́ tìrẹ, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú ogún lójúmọ́ tó. Tí o bá mú mẹ́wàá, ọ̀kan ò ní dé ẹnu rẹ. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí lo ti mọ̀ létí tẹ́lẹ̀, ẹnu ni kò tíì yàn wọ́n rí.

Bàbá Ṣadé
Ẹ ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀. Kí ó há òwe mẹ́wàá sórí lójúmọ́, láàárín oṣù kan á ti di ọ̀gá.

Àdùkẹ́ Olùkọ́
Òótọ́ wà níbẹ̀, Bàbá, ṣùgbọ́n mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Kì í ṣe òwe ló ń ṣòro, ibi tó bá a mu ló ṣòro. Ẹ wo “ilé ọba tó jó”. Tí mọ́tò ẹnìkan bá bàjẹ́, tí kò tíì rí òmíràn, ìfiniṣẹ̀sín ni tí ẹ bá sọ ọ́ fún un. Tó bá ti ra èyí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ibẹ̀ gan-an ló yẹ ẹ́. Ẹ tún kíyè sí i pé ìdajì ló ń jáde lẹ́nu àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ka “ẹwà ló bù sí i” mọ́ ọn bíi ẹni ń ka ìwé ní kíláàsì. Òwe kan lọ́sẹ̀, kí ó kọ ibi mẹ́ta tó ti gbọ́ ọ sí abẹ́ rẹ̀.

Akin Hùsítọ̀nù
Ohun tí mo rí i pé ó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni pé “mú” nìkan ni wọ́n ní. Ẹ máa ṣe é báyìí ní ilé ìdáná: ẹnìkan á dárúkọ nǹkan, ẹ̀yin á sọ bí wọ́n ṣe máa gbé e wá, kó tó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ṣíbí? Mú un wá. Àga? Gbé e wá. Àwo mẹ́fà? Kó wọn wá. Omi inú ìkòkò? Bù ú wá. Ọmọ ọdún méje? Pè é wá. Àwo kan ni “gbé”, àwo púpọ̀ ni “kó”, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń já.

Ọmọ Pẹ́kàmù
Ẹ ṣeun. Mo gbìyànjú “ni” láàárọ̀. Wọ́n bi mí pé “Ta ló ra ẹja?” Mo ní, “Ẹja ni mo rà.” Wọ́n kàn ń wò mí.

Àdùkẹ́ Olùkọ́
Ohun tí wọ́n bi ọ́ ni “ni” ń tẹ̀ lé. Ẹni ni wọ́n bi, ìwọ fi ẹja dáhùn. Ní kí ẹnìkan máa bi ọ́ lórí gbólóhùn kan ṣoṣo, “Bọ́lá ra ẹja lọ́jà.” Ta ló rà á? Bọ́lá ni. Kí ló rà? Ẹja ni. Níbo? Ọjà ló ti rà á. Ṣé wọ́n fún un ni? Rárá o, rírà ló rà á. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ kì í tètè dé.

Bàbá Ṣadé
Tó bá wá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? “Èmi ló rà á” ni kó sọ. “Èmi ni mo rà á” ò dún létí mi.

Akin Hùsítọ̀nù
Ó dún létí tèmi o, Bàbá. Ilé wa, “èmi ni mo” ni gbogbo wa ń sọ.

Àdùkẹ́ Olùkọ́
Méjèèjì ni mò ń gbọ́. Èyí tí ìyá rẹ àgbà ń lò ni kí o mú, Ọmọ Pẹ́kàmù.

Ọmọ Pẹ́kàmù
Ó dáa. Tí mo bá wá pa ìdajì òwe fún wọn, ṣé kò ní dà bí àfojúdi?

Àdùkẹ́ Olùkọ́
Kọ́kọ́ sọ pé, “Tótó ó ṣe bí òwe o.” Tí òwe náà bá bá ibẹ̀ mu, wọ́n á ní “Wàá pa òmíràn,” ọ̀rọ̀ á sì máa lọ. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé “Kí lo ní?”, má tún un sọ. Kọ ibi tí o ti lò ó sílẹ̀, kí o bi wọ́n lálẹ́ pé kí ni àwọn ìbá sọ níbẹ̀.